Ẹ bá mi yẹ ìkéde yìí wò kí n tó lẹ̀ ẹ́: ìdánwò àṣàyàn fọ́lìbọ́ọ̀lù àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 15, Ògbómọ̀ṣọ́

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti ń gbá fọ́lìbọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ wa níbí, àmọ́ kò sí ọmọdé tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìgbìmọ̀ ti wá fẹnu kò pé ká dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ fún àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 15, èmi akọ̀wé ni wọ́n sì ní kí n kọ ìkéde. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, àti ní Takíè níbi tí èrò pọ̀ sí. Ohun tí mo kọ nìyí:

"ÌKÉDE PÀTÀKÌ. Gbogbo ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju 15 lọ ni à ń pè síbi ìdánwò àṣàyàn fún ẹgbẹ́ fọ́lìbọ́ọ̀lù wa tuntun. Ọjọ́: Ẹtì 3 àti Àbámẹ́ta 4, oṣù kẹrin, 2026. Àkókò: aago 2 ọ̀sán. Ibi: pápá ẹgbẹ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀rí ọjọ́ orí àti aṣọ eré ìdárayá dání. Àwọn ọmọ tó ga ni a ó kọ́kọ́ wò."

Kóòṣì méjì la ní, pápá kan ṣoṣo, bọ́ọ̀lù mẹ́jọ. Mo rò pé àwọn ọmọ á tó ọgọ́ta tàbí kí wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù nínú ìkéde yìí? Báwo la sì ṣe máa yẹ ọmọ ọgọ́ta wò kí ó má di rúgúdù?

---

Ìyá_Ìbejì_Takíè (Ajé, 8:31 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọjọ́ tí ẹ mú yẹn kò dáa rárá. Ẹtì 3 oṣù kẹrin ni Ẹtì Rere, Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Àjíǹde. Ìdajì ìlú á ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn á ti lọ sí abúlé. Aago 2 ọjọ́ Ẹtì tún ni àwọn mùsùlùmí ń kírun Jímọ̀ lọ́wọ́. Ẹ ti fi ọjọ́ kan ṣoṣo pàdánù ọmọ ẹ̀sìn méjèèjì.

Ẹ kò sì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìbejì tèmi, akọ kan, abo kan ni wọ́n. Èwo nínú wọn ni kí n mú wá?

---

Ọmọ_Ìkòyí_Ilé (Ajé, 8:50 alẹ́)

Màmá ìbejì ti sọ òótọ́ nípa ọjọ́. Aago 2 náà kò dáa fún ìdí mìíràn: oòrùn oṣù kẹrin lè mú kí ọmọdé dákú, tí oòrùn kò bá sì mú, òjò àkọ́rọ̀ lè dé nígbà tí ọ̀sán bá ń rọ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi sí.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ̀yin fi ọkàn balẹ̀, ó tọ́. Abẹ́ 15 túmọ̀ sí ọmọ ọdún 15 títí yóò fi pé 16. Nẹ́ẹ̀tì sì ni kí ẹ gbé sí mítà 2.43, òun ni ìwọ̀n tí òfin fi lélẹ̀. Ẹ fi gidi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

---

Rẹfirí_Àtijọ́ (Ajé, 9:27 alẹ́)

Ọmọ Ìkòyí, àbúrò mi, o gba ti òwúrọ̀, àmọ́ ibi méjì tó kù kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ síbi ọjọ́ orí yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ bá ti ṣe ìdánwò, tí wọ́n ti rán jẹ́sì, tí wọ́n sì ti kó ọmọ lọ síbi ìdíje.

"Kò ju 15 lọ" àti "abẹ́ 15" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ tó ti pé 15 kò sí lábẹ́ 15 mọ́. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé: ọjọ́ wo la fi ń kà á? Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí wọ́n bí ní 20 oṣù kẹjọ, 2011. Lọ́jọ́ ìdánwò yín nínú oṣù kẹrin, ọdún 14 ni, ẹ ó sì fi ayọ̀ mú un. Nígbà tó bá di ìparí oṣù kẹjọ, ó ti pé 15. Bí ìdíje bá wáyé nínú oṣù kọkànlá, wọ́n á dá a padà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin á sì máa wá ẹlòmíràn tí ẹ kò kọ́.

Ìdí rèé tí àwọn tó ń ṣètò ìdíje fi ń lo ọdún ìbí dípò "ọmọ ọdún mélòó". Àjọ àgbáyé tó ń darí fọ́lìbọ́ọ̀lù ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdíje àwọn abẹ́ 17 ní ọdún 2024, èyí tí àwọn obìnrin gbá ní Pẹ́rù, tí àwọn ọkùnrin gbá ní Bọ̀lìgéríà: ẹni tí wọ́n bí láti 1 oṣù kìíní, 2008 ló lè kópa. Ìyẹn ni pé ọmọ náà kò ní pé 17 kí ọdún ìdíje tó parí. Tí a bá ka ti abẹ́ 15 bẹ́ẹ̀ fún ọdún 2026, ẹni tí wọ́n bí láti 1 oṣù kìíní, 2012 ni. Ọmọ oṣù kẹjọ 2011 yẹn ti jáde nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má tìtorí tèmi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ìdíje ilé-ìwé àti ti ìpínlẹ̀ lè ní ọjọ́ tiwọn tó yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ìdíje tí ẹ fẹ́ gbé wọn lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ fọ́lìbọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi ń gé ọjọ́ orí, lẹ́yìn náà ẹ kọ ọdún ìbí sínú ìkéde. Òbí tó bá ka "tí a bí láti 1 oṣù kìíní, 2012" kò ní béèrè ìbéèrè kankan mọ́.

Ní ti nẹ́ẹ̀tì, 2.43 ni ti àgbà ọkùnrin, 2.24 ni ti àgbà obìnrin. Àárín pápá la ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe lẹ́bàá òpó, nítorí nẹ́ẹ̀tì máa ń rọ̀ láàárín. Ọmọ ọdún 13 tí ẹ bá gbé síwájú 2.43 kò ní lè fi ohunkóhun hàn yín ju pé kò ga tó. Ẹ gbé e sí 2.24 fún àwọn ọkùnrin, ẹ sọ̀ ọ́ sí nǹkan bíi 2.10 fún àwọn obìnrin àti àwọn kéékèèké. Kí bọ́ọ̀lù má sì le bí òkúta. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tí kò rọ̀ díẹ̀, ọwọ́ á ta ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbà á, kò sì ní fẹ́ nawọ́ mọ́ ní ìgbà kejì.

---

Bàbá_Fárúùkù (Ajé, 9:58 alẹ́)

Ẹ kú ìforítì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọjọ́ orí yìí dùn mí dé egungun. Ọmọ mi ọkùnrin lọ síbi ìdánwò bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ìwé ìbí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, èyí tí Àjọ Ìkànìyàn fún wa nígbà tí a bí i. Nígbà tí a débẹ̀, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ ni àwọn tó kù kó wá, tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, a sì rí ọmọ tí irùngbọ̀n ti ń hù tí wọ́n pè ní ọmọ ọdún 13. Àwọn ni wọ́n mú. Wọ́n ní ọmọ tèmi kéré. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ọjọ́ orí rẹ̀ dájú níbẹ̀!

Ẹ jọ̀ọ́, akọ̀wé, ẹ kọ irú ìwé tí ẹ máa gbà sínú ìkéde kedere.

---

Tíṣà_Ìṣirò (Ajé, 10:20 alẹ́)

Bàbá Fárúùkù, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ̀dùn ọkàn gidi ni.

Mo ń kọ́ ọmọ níwèé ní girama, mo sì fẹ́ fi kún un pé kò yẹ kí a lé ọmọ tí kò ní ìwé ìbí padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní abúlé kò ní in. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni kí a fi ìwé méjì wé ara wọn: ìwé ìbí bí ó bá wà, tàbí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà ọmọ-ọwọ́, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ sí ìwé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wọ kíláàsì kìíní. Nígbà yẹn kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ọmọ á gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà kò sí ìdí tí wọ́n fi máa parọ́. Ìbúra tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ ìdánwò nìkan kò tó. Bí ọjọ́ inú ìwé méjèèjì kò bá bára mu, ẹ pe òbí, ẹ béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ má dójú ti ọmọ náà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí wọ́n mú ẹ̀dà wá, kí wọ́n fi ojúlówó hàn nìkan. Ẹ má gba ojúlówó ìwé ẹnikẹ́ni sọ́wọ́.

---

Kóòṣì_Sábó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:42 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín lálẹ́ àná, mo sì dúró kí n lè fara balẹ̀ kọ tèmi. Obìnrin ni mí, mo gbá bọ́ọ̀lù yìí dáadáa kí n tó máa kọ́ àwọn ọmọ.

Gbólóhùn tí mo fẹ́ kí ẹ yọ kíákíá ni "àwọn ọmọ tó ga ni a ó kọ́kọ́ wò." Ọmọ tó kúrú tó bá kà á kò ní wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún 12 tó kúrú lónìí lè ga ju gbogbo wọn lọ lọ́dún mẹ́ta sí i. Àwọn obìnrin máa ń yára ga ní nǹkan bí ọdún 12, àwọn ọkùnrin ní nǹkan bí 14. Ní ẹgbẹ́ abẹ́ 15, ẹ ó rí ẹni tó ti ga parí, ẹ ó sì rí ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, nínú kíláàsì kan náà.

Ohun tí mo máa ń wọ̀n ni ibi tí ọwọ́ dé, kì í ṣe orí. Ẹ fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì sí orí ìka ọmọ, kó dúró fẹ̀gbẹ́ kan ògiri, kó na ọwọ́ kan sókè, kó fi ìka kan ògiri. Ẹ fi téèpù wọ̀n ibẹ̀ láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà kó fò sókè lójú kan, kó tún kan ògiri. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àmì méjèèjì ni agbára ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ méjì wá. Èkíní ga ní mítà 1.71, wọ́n bí i ní oṣù kìíní 2012. Ọwọ́ rẹ̀ dé 2.20 lórí ìdúró, 2.49 nígbà tó fò. Èkejì ga ní 1.62, oṣù kọkànlá 2012 ni wọ́n bí i. Ọwọ́ rẹ̀ dé 2.08 lórí ìdúró, 2.46 nígbà tó fò. Ẹni tó bá wo orí nìkan á ní ẹni àkọ́kọ́ fi sẹ̀ǹtímítà 9 ga ju èkejì lọ. Àmọ́ lókè, níbi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, sẹ̀ǹtímítà 3 péré ló fi jù ú. Èkejì fò ní 38, èkíní fò ní 29, èkíní sì fi oṣù mẹ́wàá dàgbà jù ú. Lójú tèmi, ẹni kejì yẹn gan-an ni mi ò ní jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìdí rèé tí ọjọ́ ìbí fi gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tí kóòṣì mú lọ́wọ́ lórí pápá, kì í ṣe inú àpótí akọ̀wé. Bí ẹ kò bá wò ó, ẹ ó kàn máa mú àwọn tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ ó sì rò pé àwọn ló mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan níbi ògiri yẹn. Ọmọ tó gbọ́n máa ń rẹ èjìká rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìdúró kí fífò rẹ̀ lè dà bíi pé ó pọ̀. Ẹlòmíràn máa ń gbé gìgísẹ̀. Kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa wo gìgísẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wo èjìká. Bí mo bá rí ọmọ tó ní òun fò ju 50 lọ, ìdúró rẹ̀ ni mo máa ń tún wọ̀n.

---

Ọmọ_Ìkòyí_Ilé (Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Àǹtí Kóòṣì, ẹ kú àlàyé, mo sì gba ti Bàbá Rẹfirí lórí ọjọ́ orí. Àmọ́ lórí gíga, mi ò gbà pátápátá. Fọ́lìbọ́ọ̀lù, eré àwọn tó ga ni. Ẹ wo orílẹ̀-èdè tó ń gba ife, ẹ rí ẹni tó kúrú níbẹ̀? Ẹgbẹ́ tó ní kóòṣì méjì àti pápá kan kò lè máa dúró de ẹni tó máa ga lọ́dún mẹ́ta. Ìdíje ọdún yìí ńkọ́?

---

Kóòṣì_Sábó (Ìṣẹ́gun, 7:33 àárọ̀)

Ọmọ Ìkòyí, a máa rí wọn: líbérò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, kò gbọ́dọ̀ gbá a láti òkè nẹ́ẹ̀tì rárá. Sẹ́tà náà, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fún ẹni tó máa gbá a, kò fi dandan ga lọ́jọ́ orí yìí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí o ń sọ. Bó bá jẹ́ ìdíje ọdún yìí nìkan ni ẹgbẹ́ ń lé, wọ́n á mú àwọn tó ga. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí di àgbà inú ẹgbẹ́, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí wọ́n máa mú. Ìgbìmọ̀ ló máa dáhùn ìyẹn, kì í ṣe èmi tàbí ìwọ.

---

Ìyá_Àmínà (Ìṣẹ́gun, 9:05 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ìbàdàn ni wọ́n máa kó àwọn ọmọ tí wọ́n bá mú lọ gbé? Mo gbọ́ pé "àṣàyàn," ẹ̀rù sì bà mí nítorí ọmọ mi kò tíì fi ilé sílẹ̀ rí. Obìnrin ni, ó máa ń bo orí. Ṣé wọ́n máa ní kó ṣí i, kó wọ ṣòkòtò pénpé? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ kò ní gbà, èmi náà kò ní gbà.

---

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ (Ìṣẹ́gun, 9:20 àárọ̀)

Rárá o, màmá. Kò sẹ́ni tó ń kó ọmọ lọ síbì kankan. Ìdánwò lásán ni, ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni ọmọ á padà sílé. Àwọn tí a bá mú á máa wá kọ́ṣẹ́ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. N ó kọ ọ́ sínú ìkéde.

---

Kóòṣì_Sábó (Ìṣẹ́gun, 9:41 àárọ̀)

Ìyá Àmínà, ẹ mú un wá. Kó wọ ṣòkòtò gígùn tó fà, kó wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, kó bo orí rẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó bo orí, wọ́n sì gbá a dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yẹ̀ wò: kí hìjáàbù jẹ́ èyí tí wọ́n rán pọ̀ tó ń fà, tí kò nílò abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ lè gún ọmọ tàbí ẹni tó bá kọlù ú. Yẹtí, òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́, kí gbogbo wọn wà nílé, fún ọmọ tó bo orí àti èyí tí kò bò ó.

Akọ̀wé, bí àwọn kóòṣì méjèèjì bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ wá obìnrin kan tó máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin wà. Ọ̀pọ̀ ìyá, ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá lójú ìwé.

---

Tíṣà_Ìṣirò (Ìṣẹ́gun, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Ilé-ìwé ti parí, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ ọgọ́ta lórí pápá kan.

Bí ẹ bá ní kí wọ́n máa gbá mẹ́fà sí mẹ́fà, ọmọ méjìlá ló wà lórí pápá, àmọ́ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń wò. Ẹlòmíràn á ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọwọ́ kàn án. Ẹ fi okùn pín pápá sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Ìbú pápá jẹ́ mítà 9, nítorí náà ẹ ó ní pápá tóóró méjì tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4.5, nẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì la méjèèjì kọjá. Mẹ́ta sí mẹ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ méjìlá náà ṣì ni, àmọ́ ọmọ mẹ́fà péré ló ń pín bọ́ọ̀lù kan. Ìpín márùn-ún ni ọgọ́ta ọmọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ìpín kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan kò ní pé kí gbogbo wọn tó gbá a lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìpín kan ń gbá, kí òmíràn wà níbi ògiri tí Kóòṣì Sábó sọ, kí àwọn tó kù máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré ní méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ fi téèpù lẹ nọ́ńbà mọ́ àyà àti ẹ̀yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì tó ń kọ "ọmọ tó wọ aṣọ pupa" kò ní mọ ẹni tó jẹ́ nígbà tó bá dé ilé.

Kí òbí fọwọ́ sí ìwé kékeré kan tó ní nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè lọ́jọ́ yẹn, kí ó sì kọ àìsàn tí ọmọ bá ní síbẹ̀: ikọ́ fée, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, wárápá. Ọmọ tó ní ikọ́ fée kí ó mú òògùn tó máa ń fà símú dání. Ti fòníkú-fọ̀ladìde, kí òbí bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó mú un wá, kí ó má sì sá eré títí òùngbẹ á fi gbẹ ẹ́.

---

Rẹfirí_Àtijọ́ (Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Tíṣà ti ṣe é dáadáa. Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ kí àwọn kóòṣì ronú sí: ọ̀pọ̀ ọmọ tó máa wá kò gbá fọ́lìbọ́ọ̀lù rí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe sáàfù mẹ́wàá kí ẹ sì ka iye tó kọjá nẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn ń wá àwọn tí ilé-ìwé wọn ní nẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ méjèèjì fi ọ̀sẹ̀ kan jìnnà síra. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ kọ́ gbogbo wọn ní ohun kan péré: bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù lórí apá. Ọwọ́ papọ̀, ìgbọ̀nwọ́ nà tán, orúnkún tẹ̀, kí bọ́ọ̀lù ba òkè ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ìka. Ẹ ní kí wọ́n lọ fi ògiri ilé wọn kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo ẹni tó yí padà. Ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ń fò lọ sẹ́yìn rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tó wá ń dá a padà sí iwájú lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ tó ń gbọ́ nǹkan ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni tó dára lọ́jọ́ kìíní tó sì wà lójú kan náà lọ́jọ́ kejì.

Ìdí rèé tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

---

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ (Ọjọ́rú, 7:48 alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. A ṣe ìpàdé lónìí. Ìgbìmọ̀ gbà pé ọkùnrin àti obìnrin ni, méjìlá-méjìlá, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àgbà sì ti gbà láti wà pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin. A ó lo ọdún ìbí 2012 báyìí, n ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àjọ ìpínlẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wo èyí:

"ÌKÉDE ÌDÁNWÒ ÀṢÀYÀN. Ẹgbẹ́ fọ́lìbọ́ọ̀lù wa ń dá ẹgbẹ́ ọmọ abẹ́ ọdún 15 sílẹ̀, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Ọmọ tí a bí ní 1 oṣù kìíní, 2012 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ló lè wá. Kò pọn dandan kí ó ti gbá fọ́lìbọ́ọ̀lù rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta 11 àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta 18, oṣù kẹrin, 2026. Aago 7:30 àárọ̀ sí 11. Kí ọmọ wá lọ́jọ́ méjèèjì. A kò ní já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Pápá ẹgbẹ́ ni, sílé ni ọmọ á padà lọ́jọ́ kan náà.

Kí ó mú wá: ẹ̀dà ìwé ìbí, bí kò bá sí, káàdì àjẹsára àti ìwé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí òbí fọwọ́ sí, tí nọ́ńbà fóònù àti àìsàn tí ọmọ ní wà nínú rẹ̀ (ẹ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ akọ̀wé). Bàtà kánfáàsì, omi, aṣọ tó gba ọmọ láyè láti fò. Ọmọbìnrin lè bo orí, kí ó má lo abẹ́rẹ́. Ẹ fi yẹtí àti òrùka sílé.

Obìnrin wà lára àwọn alábòójútó. Òbí lè jókòó wò. A kì í gba owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánwò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, àbá alága ni, nítorí àwọn kan ti ń ta fọ́ọ̀mù irú ìdánwò báyìí fún òbí láàárín ìlú.

---

Ìyá_Ìbejì_Takíè (Ọjọ́rú, 8:02 alẹ́)

Èyí yé mi yékéyéké. Méjèèjì ń bọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù tí a lè pè bí òjò bá rọ̀ sí i. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà, ṣé ká ṣì wá?

---

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ (Ọjọ́rú, 8:10 alẹ́)

Òótọ́ ni, mà. N ó fi nọ́ńbà ẹgbẹ́ sí i, n ó sì kọ ọ́ pé bí òjò bá gba ọjọ́ kan mọ́ wa lọ́wọ́, Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé ti ìkẹyìn la ó fi dí i.

---

Bàbá_Fárúùkù (Ọjọ́rú, 8:26 alẹ́)

Báwo lẹ ṣe máa kéde orúkọ àwọn tí ẹ bá mú? Níbi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ka orúkọ lójú gbogbo ọmọ. Àwọn tí wọn kò pè dúró títí dé òpin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

---

Kóòṣì_Sábó (Ọjọ́rú, 8:40 alẹ́)

Ẹ má kà á lórí pápá. Kí akọ̀wé pe òbí kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tí a mú àti ẹni tí a kò mú, kí ó sì sọ ohun kan tí ọmọ náà lè lọ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó máa gba àkókò, mo mọ̀.

---

Ọmọ_Ìkòyí_Ilé (Ọjọ́rú, 8:55 alẹ́)

Àǹtí, pípe òbí ọgọ́ta lórí fóònù, owó ìpè ńkọ́? Ẹ lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kálukú á lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wa, a kò sì kú.

---

Kóòṣì_Sábó (Ọjọ́rú, 9:03 alẹ́)

Nọ́ńbà tó wà ní àyà wọn ni kí ó lẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe orúkọ. Ìyẹn ni mo lè gbà mọ.

---

Rẹfirí_Àtijọ́ (Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́)

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní ẹjọ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn kóòṣì pinnu. Akọ̀wé, ìbéèrè kan: kí lẹ fẹ́ ṣe sí ọmọ 2011 tó bá wá? Wọ́n á wá o, nítorí àwọn náà kò tíì pé 15 lójú ara wọn.

---

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ (Ọjọ́rú, 9:44 alẹ́)

A jiyàn lórí rẹ̀ ní ìpàdé, sà, a kò fẹnu kò. Alága ní kí a dá wọn padà. Kóòṣì kan ní kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa bá àwọn àgbà kọ́ṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́bọ̀ la tún máa jókòó lé e lórí. Títí di ìgbà náà, ẹ sọ fún òbí tó bá béèrè pé kí ó wá gba fọ́ọ̀mù kó sì kọ ọjọ́ ìbí ọmọ síbẹ̀ bí ó ṣe rí gan-an. A ó pè é.